Òwò àkọ́kọ́ fún opó tó ní ilé ogún: ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ní Ọbáńtokò

Ìyá Ìbejì la ó máa pe obìnrin náà. Ẹni ọdún 43 ni. Ọkọ rẹ̀ kú lójijì, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sí i lọ́wọ́: àwọn ìbejì tó ti wà ní girama, àti àbúrò wọn ọmọ ọdún 9. Ilé kan wà ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta, fúláàtì mẹ́ta lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì. Òun àtàwọn ọmọ ń gbé fúláàtì kan, ayálégbé wà nínú méjì yòókù. Aránṣọ kan háyà ṣọ́ọ̀bù kìíní, èkejì sì ni olóògbé ń kó irinṣẹ́ sí, títì ló wà látìgbà tó ti kú. Owó tó wà lórúkọ ìyá náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Kò tajà rí láyé rẹ̀, kódà kò bá ẹnikẹ́ni jókòó ti ọjà rí.

Kí ogójì ọjọ́ tó pé ni ìmọ̀ràn ti ń rọ́ wọlé. Àbúrò ọkọ ní kó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kó máa ṣe omi inú ọ̀rá. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní adìyẹ ni, torí àyè wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gáàsì ìdáná ló ń pawó báyìí. Orí òwò ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ilé tí wọ́n ní kó fi ṣòwò yìí, ta ló ni ín?

Ilé ta ni?

Ìdána ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe. Wọn ò ṣègbéyàwó ní kóòtù, wọn ò ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, olóògbé ò sì kọ ìwé ìhágún. Nírú ipò yìí, òfin ìbílẹ̀ Yorùbá ò ka opó mọ́ àwọn tó ń jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló nilé. Ìyá lè máa gbé ibẹ̀ kó sì máa tọ́ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ilé tà, kò sì lè fi í dúró láti yáwó. Ká ní ìgbéyàwó kóòtù ni, òfin ìpínlẹ̀ lórí ogún ni ì bá mú un, òun náà ì bá sì ní ìpín tirẹ̀. Nítorí náà, irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gba opó nímọ̀ràn béèrè, kó tó dárúkọ òwò kankan.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Olóògbé ti bí ọmọ kan kó tó fẹ́ Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún 22 ni báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ìdí-igi ni àṣà kọ́kọ́ mọ̀: iye ìyá tó bímọ ni wọ́n fi ń pín ogún. Ìdí méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni pé ọmọ kan yẹn lè gba ìdajì, kí àwọn mẹ́ta tó kù pín ìdajì kejì. Orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba ohun kan náà, máa ń wáyé bí àríyànjiyàn bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òwò tí wọ́n bá gbé ka gbogbo owó ilé láìka ti ọmọ àkọ́bí yìí sí, ọjọ́ tó bá dé láti béèrè ni yóò dojú rú.

Ẹbí jókòó, lọ́yà kan sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Owó fúláàtì kan á máa lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí. Owó fúláàtì kejì àti ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ á máa bọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Ìyá á lo ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo láìsan owó títí àbíkẹ́yìn á fi jáde girama. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìpàdé rú, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: ọjà àti irinṣẹ́ tí ìyá bá fi owó ara rẹ̀ rà sínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ara ogún.

Olórí ẹbí wojú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ṣé o rò pé a máa wá kó ọjà ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń sá fún, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni."

Wọ́n bu ẹ̀rín, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ló ń wà lórí gbogbo rìsíìtì, àkáǹtì tuntun kan ló sì ń gba owó ọjà wọlé. Owó tí olóògbé ní sí báńkì ò sí nínú ètò yìí rárá. Bí báńkì bá kọ orúkọ ẹni sílẹ̀ pé òun ló sún mọ́ oníbàárà jù, ìyẹn ò sọ ọ́ di ajogún. Ẹ̀ka prọ́béètì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ń fúnni níwèé láti bójú tó ogún ẹni tí kò kọ ìwé ìhágún. Bí ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ bá wà nínú àwọn ajogún, alábòójútó kì í dín ní méjì, kì í sì í ju mẹ́rin lọ. Ìwé náà lè pẹ́ lóṣù púpọ̀, ẹni tó bá sì ti ná owó náà lọ́kàn kó tó dé á jẹ gbèsè.

Èló ni òwò gbọ́dọ̀ mú wá?

Oúnjẹ, iná, ọkọ̀ àti oògùn ń gbà tó ₦110,000 lóṣù nílé náà. Owó iléèwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦90,000 ní sáà kan. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦1,590,000 ni ọdún kan ń jẹ. Owó ilé tó kàn án báyìí jẹ́ ₦250,000 lórí fúláàtì àti ₦120,000 lórí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹ yọ ₦80,000 kúrò fún páànù tó ń jò àti ṣaláńgá, ó ku ₦290,000. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ ₦1,300,000 lọ́dún, bíi ₦108,000 lóṣù. Iye yẹn ni òun àtàwọn tó bá a ṣe ìṣirò náà fi ń wọn gbogbo òwò tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín owó ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n kó àlàfo oṣù mẹ́fà, ₦650,000, sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, torí pé òwò tuntun kì í bọ́ni lóṣù kìíní. ₦250,000 lọ fún lọ́yà àti ọ̀rọ̀ prọ́béètì, ₦100,000 fún àìsàn. Ó ku ₦1,400,000. Ìdajì rẹ̀, ₦700,000, ni yóò fi dáwọ́ lé òwò, ìdajì kejì ò gbọdọ̀ kúrò ní báńkì lọ́dún àkọ́kọ́ bí kò bá sí ìdí tí ìwé ìṣirò fi hàn. Ẹni tí kò tajà rí yóò ṣàṣìṣe, kò sí bí kò ṣe ní í ṣe é. Ìdajì kejì yẹn ló máa gbé e dìde.

Àwọn òwò tí wọ́n yẹ̀ wò

Omi inú ọ̀rá ò pẹ́ nílẹ̀. Kànga, àwọn táǹkì, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àti èyí tó ń lẹ ọ̀rá, jẹnẹrétọ̀, mọ́tò ìpín omi, kí NAFDAC sì tó fọwọ́ sí i. Ẹ tún wá rò ó pé ilẹ̀ tí kò ní ìpín tirẹ̀ lórí ni yóò ri gbogbo irin yẹn mọ́. Gáàsì ìdáná gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó epo àti gáàsì, ìyẹn sì ṣì rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìdílé mẹ́ta ló ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní rárá.

Adìyẹ ló gba àkókò, torí ó dùn-ún gbọ́. Igba adìyẹ ẹlẹ́ran, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, kí wọ́n kó wọn lọ sọ́jà. Adìyẹ kan máa ń jẹ tó kílò mẹ́rin kó tó tó tà, ìyẹn kílò 800 fún igba, báàgì oníkílò 25 tó jẹ́ 32. Ní ₦21,000 tí wọ́n ń ta báàgì kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ₦672,000 ni oúnjẹ nìkan, láìtíì ra òròmọdìyẹ, láìtíì san owó abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọ̀sẹ̀ méje yẹn, kọ́bọ̀ kan ò ní í wọlé. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn á tó tà, ọjọ́ tí wọn ò bá sì lọ, wọ́n ṣì ń jẹun. Ẹni tí àrùn Gọ̀m̀bọ́rò tàbí lúkúlúkú kò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ rí ò lè mọ̀ pé adìyẹ kan tó wú ìyẹ́ láàárọ̀ lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn tó máa kó gbogbo àgọ́ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òwò gidi ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi kọ́ṣẹ́ nígbà tí owó oúnjẹ ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ń wá nìyí: òwò tí owó rẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, tí àṣìṣe kan ò lè gbé gbogbo owó lọ, tí ọjà rẹ̀ ṣeé kó jáde bí ọ̀rọ̀ ẹbí bá yí padà. Kí wọ́n tó yàn, Ìyá Ìbejì gbé àga síwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, láti agogo mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti láti mẹ́rin sí mẹ́jọ alẹ́, ó ń kọ ohun tí àwọn tó ń kọjá gbé lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ló ti ń ta bísíkíìtì, mílíìkì àti ọṣẹ nítòsí. Àwọn tó ń gba owó fúnni pẹ̀lú ẹ̀rọ pọ̀ bí eṣú. Ohun tó ń kọjá lójú rẹ̀ lálaalẹ́ ni ọ̀rá gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ti rà ní Kútọ̀ tàbí Òṣíẹ̀lẹ̀, tí wọ́n sì sanwó kẹ̀kẹ́ lé lórí. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń ta gàrí ládùúgbò, ọjà rẹ̀ sì máa ń tán kí alẹ́ tó lẹ́. Bí wọ́n ṣe yan ohun èlò oúnjẹ gbígbẹ nìyẹn.

Inú kóńgò ni èrè wà

₦130,000 tún ṣọ́ọ̀bù ṣe: ọ̀dà, pákó tí wọ́n kàn mọ́ra láti gbé àpò kúrò lórí sìmẹ́ńtì, dírọ́ọ̀mù ọlọ́mọrí mẹ́ta, kóńgò méjì, ọ̀rá. Àpò tó bá jókòó lórí sìmẹ́ńtì máa ń fa ọ̀rinrin láti ìsàlẹ̀, gàrí ìdí àpò á dì, á sì hu. Ọjà àkọ́kọ́ jẹ́ àpò ìrẹsì méjì, gàrí mẹ́ta, láfún kan, ìdajì àpò ẹ̀wà, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan. ₦430,000 ni gbogbo rẹ̀. ₦140,000 tó kù wà fún ọkọ̀ àti àtúnrà.

Láfún ò ṣeé yọ sílẹ̀ níwájú Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ó gba ojú. Ẹlòmíràn ń sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sórí àpáta tàbí etí títì, iyẹ̀pẹ̀ sì ń bá a lọ sí ẹ̀rọ. Kí ènìyàn bu ṣíbí kan sínú kọ́ọ̀bù omi, kó rò ó, kó jẹ́ kó tòrò, kó wá da orí rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀. Èyí tó bá ní àmì àwọ̀ ewé tàbí dúdú, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ti bu, kò sí ẹ̀dínwó tó lè sọ ọ́ di ọjà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń pàdánù láìmọ̀ ni òṣùwọ̀n. Wọ́n ní kó wọn àpò ìrẹsì kan tán kó tó ta ẹyọ kan. Ẹni tó tà á fún un sọ pé kóńgò 36 ni. Ó wọ̀n ọ́n, 34 ló rí. Àpò náà jẹ́ ₦75,000, ọkọ̀ rẹ̀ ₦1,500, nítorí náà kóńgò kan ti ná an ní ₦2,250. Ládùúgbò, ₦2,500 ni wọ́n ń tà á. Èrè orí kóńgò kan jẹ́ ₦250, orí àpò kan ₦8,500. Bí àpò mìíràn bá jẹ́ 33 péré, èrè yẹn á já sí ₦6,000. Kóńgò kan tó dín ti gbé ₦2,500 lọ.

Èènì ńkọ́? Oníbàárà Abẹ́òkúta ò ní í gbé kóńgò láìgba èènì, ẹni tí kò bá sì fi í sí i, ọjà á kọ̀ ọ́. Ìyá Ìbejì ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí i tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀kúnwọ́ náà, ogún irú rẹ̀ ló kún kóńgò kan. Lórí àpò kóńgò 34, ìyẹn kóńgò kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ₦4,250. Ìdajì èrè ló ń fi ọwọ́ bù jáde. Kò yẹ kó dáwọ́ èènì dúró o. Ó wá ra ife kékeré kan tó jẹ́ ìdajì ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, ìyẹn ló ń fi ṣe èènì báyìí, ó sì ń dà á sórí kóńgò tó ti kún gègèrè lójú oníbàárà. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Gàrí àti epo pupa ń mú èrè wá ju ìrẹsì lọ. Bí wọ́n bá da gbogbo ọjà pọ̀, nǹkan bíi ₦12 ló ń kù nínú ₦100 tó bá tà. Láti dí àlàfo ₦108,000, ó gbọ́dọ̀ tà tó ₦900,000 lóṣù, bíi ₦35,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì wà níbẹ̀: àìsanwó ò túmọ̀ sí ọ̀fẹ́. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń san ₦120,000 lọ́dún. Èrè tí kò bá tó ₦10,000 lóṣù ti kéré sí ohun tí ṣọ́ọ̀bù ì bá mú wá ká ní ayálégbé ló wà níbẹ̀, tí ìyá sì jókòó sílé. Wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́: bí ìtajà ò bá tó ₦20,000 lójúmọ́ ní oṣù kẹrin, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀bù háyà.

Oṣù mẹ́fà

Oṣù kìíní, ọjà ₦390,000 ló tà, èrè rẹ̀ ò tó ₦47,000. Kò mú owó oúnjẹ nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Inú àkáǹtì àlàfo ló ti ń gba ₦108,000 rẹ̀ lóṣù, èrè ṣọ́ọ̀bù ló sì ń kó padà síbẹ̀. Gàrí tí ilé bá jẹ, rírà ni, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti oníbàárà. Àwọn ìbejì ò fẹ́ràn òfin yìí rárá.

Oṣù kẹta ni ìtajà tó ₦640,000, síbẹ̀ owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan méjì ló fà á. Ẹ̀wà tó rà mọ́ tónítóní lójú, ṣùgbọ́n láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti máa ń bá a wálé. Ó ń lẹ ẹyin funfun kékeré mọ́ ara ẹ̀wà, ọmọ rẹ̀ á sì wọnú rẹ̀ lọ, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni yóò lu ihò jáde. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kóńgò 14 tó kù ti di ihò. Ó tà á fún ẹni tó ń sin ẹran, ó pàdánù ₦22,000. Aládùúgbò kan ní kó wọ́n oògùn kòkòrò ìgò kékeré yẹn sí i, èyí tí NAFDAC ti ń pariwo pé kó má dé ibi oúnjẹ. Kò gbà. Láti ìgbà náà, ó ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kó tó rà, ó ń wo ara ẹ̀wà fún ẹyin, kò sì í ra ju èyí tó lè tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá pọ̀, inú àpò onípele mẹ́ta ló ń rọ ọ́ sí: ọ̀rá nípọn méjì nínú, àpò híhun níta, kí wọ́n di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kòkòrò inú rẹ̀ ò ní í rí afẹ́fẹ́ mí.

Ohun kejì ni àwìn, ₦58,000, ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé ọkọ. Kò lè sọ pé òun ò ní í tà láwìn mọ́, torí ẹbí yẹn náà ló tọwọ́ bọ̀wé. Ó wá fi òté lé e: ₦5,000 ni òkè rẹ̀, ẹni tí kò bá tíì san ti àná kì í gba tòní, àbúrò ọkọ tó gbọ́n jù nínú wọn ló sì ń mú ìwé náà lọ bá àwọn tó jẹ ẹ́. Láàárín oṣù méjì, ₦41,000 ti padà.

Oṣù kẹrin, ìtajà kọjá ₦25,000 lójúmọ́, kò sí pé wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀bù háyà mọ́. Oṣù kẹfà, ó tà tó ₦860,000. Lẹ́yìn owó iná àti ọ̀rá, ₦97,000 ló kù. Ó ṣì dín ₦11,000, ṣùgbọ́n nǹkan bíi ₦420,000 ṣì wà nínú àkáǹtì àlàfo.

Àbúrò ọkọ tún ti dé pẹ̀lú ìmọ̀ràn: kó fi ₦700,000 tó wà ní báńkì ra ẹ̀wà tuntun nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, kó tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tó bá wọ́n. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jèrè. Àmọ́ ẹni tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ba kóńgò 14 jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì tó ẹni tó ń tọ́jú ogún àpò. ₦150,000 péré ló yọ, fún kẹ́ẹ̀gì epo kejì àti ìrẹsì ọ̀fàdà láti agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, èyí tí wọ́n ti ṣa òkúta inú rẹ̀. Iye kóńgò tó bá tà láàárín oṣù méjì ni yóò sọ bóyá ọ̀fàdà á dúró nínú ṣọ́ọ̀bù náà.